Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já nínú ìdánwò JAMB

Òkè Àró nílùú Àkúrẹ́ níbí ni ọmọbìnrin náà ń gbé, lẹ́sìn mi ló sì máa ń wá nírọ̀lẹ́. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ wọn. Bí mo bá béèrè nǹkan lójú pátákó, kí n tó parí ọ̀rọ̀ ló ti dáhùn. Lọ́jọ́ tí mo kó wọn lọ ṣe mọ́ọ̀kì ní kafé kan lọ́nà FUTA, mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni pé kí wọ́n ṣírò ìwọ̀n móòlù kan CaCO₃. Ogójì, méjìlá, mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́ta: 100 ni. Ó ti ṣe é lójú mi ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì B tí í ṣe ìdáhùn, ó ń gbọ̀n, kò sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó tẹ D. Bí a ṣe jáde, ó ní, "Àǹtí, ojú mi ṣú ni. Mo rí i, àmọ́ n kò rí i."

Ẹnìkan ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀ kí ara lè rọlẹ̀, ó sì ń ṣe é láràárọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣiṣẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní kafé kò ṣiṣẹ́ rárá. Nígbà tí mo bi í léèrè dáadáa ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́: ibi tí nǹkan kan kò ti bà á lẹ́rù ló ti ń kọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀, ibi tí kò ti sí aago ló sì ti ń ṣe ìbéèrè. Àwọn méjèèjì kò tíì fojú kanra rí títí wọ́n fi pàdé níwájú kọ̀ǹpútà. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ètò tí a ṣe kí wọ́n lè pàdé nílé kí ọjọ́ tó pé ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìbẹ̀rù ni lóòótọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mímí. Ẹ mú ìbéèrè 40 láti inú ìbéèrè àtijọ́, ní kòkó ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ti kà. Ẹ jẹ́ kó ṣe é nílé láìsí aago, láìsí ẹni tó ń wò ó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ mú 40 mìíràn tó le tó bẹ́ẹ̀, kó ṣe é pẹ̀lú aago níwájú èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí máàkì méjèèjì ṣe jìnnà síra.

Ti ọmọ yìí jẹ́ 31 nínú 40 nílé, àti 19 ní kafé. Ìbéèrè 12 tó sọnù láàárín wọn, ìbẹ̀rù ló gbé ọ̀pọ̀ jù nínú wọn lọ. Ọmọkùnrin kan wà nínú lẹ́sìn kan náà tó gba 17 nílé, tó gba 16 ní kafé, tóun náà ń sọ pé àyà òun ló ń já. Kò purọ́, àyà rẹ̀ ń já lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń já a láyà ni pé kò kàwé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí mímí tó lè gbà á. Ìwé ni kó lọ kà, ètò yìí kì í ṣe tirẹ̀ nísinsìnyí.

Ìdí tí ohun téèyàn mọ̀ fi ń sá lọ kò ṣòro láti yé. Ibi tí ọpọlọ ń tẹ́ nǹkan sí nígbà tó bá ń ṣírò kò fẹ̀. Ẹ wò ó bí àtẹ ìyá aláta ní Ọjà Ọba: tẹ́nìkan bá lọ gbé àpò gàrí lé e, kò sáyè fún tòmátì mọ́. "Kí ni màmá mi máa sọ", "Iṣẹ́jú mélòó ló kù", "Ọmọ ẹ̀gbẹ́ mi ti dé ìbéèrè ogún", àpò gàrí nìyẹn. Ogójì àti méjìlá àti 48 kò wá rí ibi jókòó sí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: mímí nìkan

Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 5 lálẹ́. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ má dùbúlẹ̀, nítorí orí àga ni wọ́n ti ń ṣèdánwò. Ẹ fi imú fa èémí wọlé, ẹ kà á dé 4. Ẹ jẹ́ kó jáde wẹ́rẹ́, ẹ kà á dé 6. Ìṣẹ́jú àáyá 10 nìyẹn, mímí 6 nínú ìṣẹ́jú kan.

Jíjáde yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹ lè dán an wò: ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà, kí ẹ wá ibi tó ń lù. Bí ẹ bá ń fa èémí wọlé, ẹ ó rí i pé ìlù náà yára díẹ̀. Bí ẹ bá ń tú u jáde, á fà sẹ́yìn. Ó máa ń hàn dáadáa lára ọmọdé. Mo jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ bà á kí n tó sọ̀rọ̀ kankan. Ó ka ìlù náà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sọ fún mi mọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbí ni kéèyàn máa fa èémí ńlá ńlá bí ẹni tó fẹ́ wọ inú odò. Bí òòyì bá ń kọ́ ọmọ, tí ètè rẹ̀ tàbí orí ìka rẹ̀ ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ó ti ń mí jù. Ó ti tú kábọ́ọ̀nù dàọ́sáídì tó yẹ kó kù nínú ẹ̀jẹ̀ dànù. Kó mí kékeré, kí ejìká má gbéra sókè, kó lọ jẹ́jẹ́. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ fipá ka oókà. Kó jẹ́ kí jíjáde gùn díẹ̀ ju wíwọlé lọ, bí ara rẹ̀ bá ṣe gbà á mọ.

Nínú ọ̀sẹ̀ yìí, kó máa ṣe ìbéèrè bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, láìsí aago. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ síbẹ̀. Mo ti rí òbí tó gbé aago ka ọmọ níwájú lọ́jọ́ kejì. Ohun tí ọmọ náà kọ́ ni pé bí wọ́n bá ní kí òun mí, ìyà ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì: aago kékeré, pẹ̀lú mímí nínú rẹ̀

JAMB ń bi ìbéèrè 180 nínú wákàtí 2: 60 ní Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Tí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìbéèrè 10 yẹ kó gba ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 40. Ẹyọ ìgbìdánwò wa nìyẹn. Ẹ fi aago fóònù sí i, ẹ jẹ́ kó máa dún kí wọ́n gbọ́ ọ.

Mímí wá wọ inú rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Kó tó tẹ ìbẹ̀rẹ̀, mímí 3. Lẹ́yìn ìbéèrè karùn-ún, kó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé itan, mímí 3, kó padà. Àtẹ́lẹwọ́ lórí itan yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ara ló ń fi mọ̀ pé àkókò rẹ̀ tó. Bó bá ti ṣe é tó bí ogójì ìgbà, bí ọwọ́ bá ti kan itan ni ejìká á ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń bá mi jiyàn níbí. "Àǹtí, àkókò ń lọ!" Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mímí 3 jẹ́ àáyá 30, kò tó àkókò ìbéèrè kan. Nínú ìdánwò gidi, a ó ṣe é nígbà 4: kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ìgbà mẹ́ta tí wọ́n bá ń bọ́ sínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìṣẹ́jú 2 péré nínú 120. Ọmọ yìí lo ìṣẹ́jú kan lórí CaCO₃ nìkan, ó sì tún ṣì í.

Lẹ́yìn ìbéèrè 10 kọ̀ọ̀kan, kó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ láti 0 dé 10: báwo ni àyà rẹ̀ ṣe já tó? Bó bá wà láàárín 4 sí 6, ibẹ̀ gan-an la fẹ́. Bó bá jẹ́ 1 tàbí 2, ìgbìdánwò náà ti rọ̀ jù, kò kọ́ ara ní nǹkan kan. Bó bá di 8, ẹ padà sẹ́yìn lọ́jọ́ kejì: ẹ pa ariwo aago, tàbí kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un. Ẹ má retí 0. Ọmọ tó fẹ́ sáré lọ́jọ́ eré ìdárayá, ọkàn tirẹ̀ náà ń lù. Kí ọkàn máa lù, kí orí ṣì máa ṣiṣẹ́, ohun tí à ń wá nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ẹ dá ìyọnu sílẹ̀ fúnra yín

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì le jù láti ṣe dáadáa. Ìbéèrè 40 ni báyìí, ẹ̀kọ́ kan odidi, lórí kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ má lo máòsì rárá. Bọ́tìnnì nìkan: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn, ìbẹ̀rù máòsì tí kò gbọ́ràn ni. Kó sì lọ sí kafé tí kò lọ rí. Kọ̀ǹpútà tí bọ́tìnnì rẹ̀ le, àga tó ga jù, fáànù tó ń ké, kó bá gbogbo wọn pàdé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìyọnu kan kún un lójoojúmọ́, ọ̀kan ṣoṣo. Ètò tí a lò nìyí. Ọjọ́ Ajé, bọ̀dá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé. Ọjọ́rú, mo mú ìbéèrè méjì tó le jù lọ́dún yẹn, mo fi wọ́n ṣe nọ́ńbà 1 àti 2. Ọjọ́bọ̀, bó ṣe dé ìbéèrè 15, mo pa ojú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú kan, mo sì ní kó dúró. Ọjọ́ Ẹtì, ìsinmi.

Ti Ọjọ́rú ló fọ́ nǹkan. Nọ́ńbà 1 ta á nù, nọ́ńbà 2 ta á nù, mo sì rí i tí ọwọ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mímí wà nínú ètò fún lẹ́yìn ìbéèrè ogún, ó sì ń gbìyànjú láti fara dà á débẹ̀. Mo dá a dúró. A jókòó, a kọ gbólóhùn kan sórí ìwé:

"Bí ìbéèrè méjì bá ta mí nù léraléra, ọwọ́ mi á lọ sórí itan, màá mí lẹ́ẹ̀mẹta, màá tẹ N."

Gbólóhùn náà rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí. Kò sọ pé "màá fọkàn balẹ̀". Ó sọ ohun tí ojú máa rí, ó sì sọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú kò lè ronú nípa ìfọ̀kànbalẹ̀, àmọ́ ó lè gbé ọwọ́ lé itan. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè méjì mìíràn tó le. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ N. Ó gba 24 nínú 40 lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú méjì àkọ́kọ́ tó fò.

Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ méjì tó. Èkejì tirẹ̀ ni: "Bí kọ̀ǹpútà mi bá dúró, màá nawọ́ sókè, màá mí títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ mi." Ẹni tó bá kọ méje, kò ní rántí kankan.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn òbí níbí. Ìyọnu tí à ń sọ yìí kì í ṣe èébú. Bàbá kan gbọ́ nípa ètò yìí, ó wá ń dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó ń sọ pé "Wò ó, o tún ti ṣì í, owó mi lò ń fi ṣòfò." Ìyẹn kì í kọ́ ọmọ ní ìdánwò, ìtìjú ló ń kó bá a, àpò gàrí kejì sì ni ẹ gbé lé àtẹ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ dára jù yín lọ lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: odidi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá dákẹ́

Mọ́ọ̀kì 2 péré, ìbéèrè 180, wákàtí 2, ní àkókò kan náà tó wà lórí ìwé tí JAMB fún ọmọ náà. Bó bá jẹ́ àárọ̀ kùtù, àárọ̀ kùtù ni. Bí a ṣe pín àkókò tirẹ̀ nìyí, ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: Gẹ̀ẹ́sì ìṣẹ́jú 30, Bàọ́lọ́jì 20, Kẹ́mísìrì 28, Físíìsì 36. Ìyẹn jẹ́ 114. Mímí ìṣẹ́jú 2. Ìṣẹ́jú 4 tó kù, kó fi padà sídìí àwọn tó fò. Wọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n mú aago ọwọ́ wọlé, nítorí náà aago tó ń kà sẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà ni kó máa fi wò ó láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ìgbà tó bá sì ń bọ́ sínú ẹ̀kọ́ tuntun nìkan ni kó wò ó. Ẹni tó ń wò ó ní gbogbo ìṣẹ́jú ń gbé àpò lé orí àtẹ fúnra rẹ̀.

Láàárín mọ́ọ̀kì méjèèjì, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n gbé ìdánwò fún un sí. Tirẹ̀ bọ́ sí ìlú Oǹdó, kì í ṣe Àkúrẹ́. A wọ mọ́tò lọ, a wo ẹnu ọ̀nà, a wo ibi tí omi àti ilé ìyàgbẹ́ wà, ó jókòó sábẹ́ igi níta, ó ṣe mímí 3 rẹ̀ níbẹ̀, a ra bọ̀ọ̀lì, a padà sílé.

Ní ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn, kò sí ìgbìdánwò kankan mọ́. Máàkì burúkú kan nígbẹ̀yìn á ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Mímí àárọ̀ àti alẹ́ nìkan, oúnjẹ, oorun. Kò sí kọfí, kò sí ohun mímu alágbára inú agolo: wọ́n ń mú kí ọkàn máa sáré, ọmọ á sì rò pé ìbẹ̀rù ló dé. Ẹ má sì ra oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù ní ilé oògùn torí pé ọmọ aládùúgbò lò ó. Ó lè dá èémí dúró lára ẹni tó ní ikọ́ fée.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ó tó jáde, kó fi ìṣẹ́jú 10 kọ gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù sórí ìwé, láìfi nǹkan pamọ́. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ṣìkágò gbé èyí jáde lọ́dún 2011: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rù tó kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kọ ọ́ lọ. Ó ta ko ohun tí àwa ń sọ nílé, pé kí ọmọ má fẹnu sọ ohun burúkú. Èmi náà lọ́ra kí n tó gbà. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́, kó fa ìwé náà ya.

Ibi tí ètò yìí ò dé

Bí ọmọ bá ń dákú, bí àyà rẹ̀ bá ń já bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí ìdánwò, bí kò bá sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kí òun má sí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí ẹ rí dókítà. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ìdánwò bá ku ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹ má gbìyànjú láti ki gbogbo ètò yìí bọ̀ ọ́. Ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo, ọwọ́ lórí itan, mímí 3, kí ẹ fi í ṣe ìbéèrè 10 lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́.

Ẹ sì máa kíyè sí ọmọ tó ń fi mímí sá fún ìbéèrè. Ọmọ yìí ṣe bẹ́ẹ̀ nínú mọ́ọ̀kì àkọ́kọ́: bó ṣe rí ìbéèrè tó le, ọwọ́ á lọ sórí itan. Ó mí nígbà 11. Mo fi òfin sí i: ìgbà 4 tó wà nínú ètò, àti ìgbà 3 fún pàjáwìrì, ó parí. Nínú mọ́ọ̀kì kejì, ó lo 6. Kẹ́mísìrì rẹ̀ jẹ́ 28 nínú 40. Kò tíì dé 31 tilé, mi ò sì rò pé ó máa dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, ẹ̀rọ tó ń ka ìka kò gba àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A kò fi ìyẹn sínú ètò rárá. Ó ní òun gbé ọwọ́ kejì lé itan lórí ìdúró, òun mí lẹ́ẹ̀mẹta, òun nu ìka náà sára síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbìyànjú ìka mìíràn fún òun. Nígbà tó jáde, ìyá rẹ̀ bi í bó ṣe rí. Ó ní Físíìsì le.